Lẹ́tà sí oníbàárà mi: àtúnṣe tó wà nínú owó ìwé ètò ìsìnkú, àti èyí tí kò sí níbẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo tún kí yín kú ìrọ́jú, mo sì kí gbogbo ẹbí kú àṣẹ̀yìndè Bàbá. Àkójọ àtúnṣe tí ẹ fi ránṣẹ́ lánàá lórí dráfùtì àkọ́kọ́ ìwé ètò ìsìnkú náà ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti fara balẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohun 23 ni ẹ tọ́ka sí. Ní ìparí rẹ̀, ẹ béèrè bóyá gbogbo rẹ̀ wà nínú owó tí a ti fẹnu kò lé lórí, nítorí àbúrò yín ọkùnrin ti sọ fún yín pé bí iṣẹ́ bá ti dé àárín ni àwọn tó ń to ìwé máa ń gbé owó tuntun jáde. Ìbéèrè náà tọ́, kò sì bí mi nínú. Èsì rẹ̀ ni pé 18 nínú 23 wà nínú owó tí a ti sọ, 5 kò sì sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iye yẹn nìkan kò lè tẹ́ yín lọ́rùn bí ẹ kò bá mọ bí mo ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán wa létí ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn. Ìwé náà jẹ́ A5, ìyẹn ìdajì bébà A4 tí a fi ń tẹ lẹ́tà. Inú rẹ̀ jẹ́ ojú-ìwé 40, yàtọ̀ sí èèpo rẹ̀, ẹ̀dà 500 ni ilé ìtẹ̀wé yóò sì tẹ̀ ní Ṣómólú. Owó iṣẹ́ tèmi, ìyẹn títo ọ̀rọ̀ àti àwòrán sójú ìwé, jẹ́ ₦240,000, èyí tó já sí ₦6,000 lórí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan. Owó bébà, pélétì onírin tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé, títẹ̀ àti dídì kò sí nínú rẹ̀. Ọwọ́ atẹ̀wé ni ẹ ó san ìyẹn lé. Nínú ₦240,000 yẹn ni dráfùtì kan wà, pẹ̀lú àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì, àti iṣẹ́ ìmúbọ̀sípò lórí àwòrán àtijọ́ 6 tó ti ṣá tàbí tó ti ya. Bí ó bá di pé a nílò àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kẹta, ₦30,000 ni yóò jẹ́.

Ọ̀rọ̀ “ẹ̀ẹ̀mejì” yìí gan-an ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù. Nínú iṣẹ́ wa, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe àṣìṣe kan tí a tún ṣe, kì í sì í ṣe ìgbà kan tí mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó jẹ́ àlọ àti àbọ̀ kan: mo fi ìwé ránṣẹ́ sí yín, ẹ kà á láti ojú-ìwé kìíní dé ìkẹyìn, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kí ó yí padà jọ sínú àkójọ kan ṣoṣo, ẹ dá a padà, mo ṣe gbogbo rẹ̀, mo sì fi ìwé tuntun ránṣẹ́. Bí ohun 3 ló wà nínú àkójọ náà, ẹ̀ẹ̀kan ni. Bí ohun 60 ni, ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Àmọ́ bí ẹ bá fi ohun 3 ránṣẹ́ lówùúrọ̀, tí mo ṣe é, tí mo fi ìwé tuntun ránṣẹ́, tí ohun 2 mìíràn tún wá dé lálẹ́, a ti lo ẹ̀ẹ̀mejì tán lórí ohun 5 péré. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀ yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kí ẹ má fi wọ́n ránṣẹ́ lẹ́yọ lẹ́yọ lórí Wáàsáàpù, kí ẹ má sì jẹ́ kí àwọn àbúrò máa pè mí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ojú mi ti rí i rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo to irú ìwé yìí fún ẹbí kan tí olóògbé fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ìyá mẹ́ta. N kò béèrè ẹni tí yóò jẹ́ agbẹnusọ, ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ọmọ kan ní kí n to orúkọ wọn bí a ṣe bí wọn tẹ̀ léra. Mo ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, òmíràn ní kí n pín wọn sí ìyá kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ ìyálé ṣíwájú. Mo tún ṣe é. Ẹnì kẹta fi ohùn ránṣẹ́ pé níwọ̀n ìgbà tí orúkọ òun ti wà lẹ́yìn ti àbúrò òun, òun kò ní san ìpín tòun nínú owó ìwé. Báyìí ni àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì ṣe parí sórí ojú-ìwé kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ka ìtàn ìgbésí ayé bàbá wọn, níbi tí ọdún ìgbéyàwó rẹ̀ ti ṣìnà. Lóde ìgbéyàwó, ohun yòówù kí ẹbí ti bá ara wọn fà nínú yàrá, ẹnu alága ìdúró àti ti alága ìjókòó nìkan ni a ti ń gbọ́ ọ níta. Irú ipò yẹn ni ẹ wà nínú iṣẹ́ yìí, inú mi sì dùn pé àkójọ kan ni ẹ fi ránṣẹ́.

Bí a bá ti wá mọ ohun tí ẹ̀ẹ̀kan jẹ́, ó ku ohun tó lè wọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí àtúnṣe ṣe tóbi tó ni a fi ń wọn owó rẹ̀: kékeré kò gba owó, ńlá gba owó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ara mi lórí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú àkójọ ni ibi tí àtúnṣe náà ti wá. Ṣé èmi ni mo ṣi ohun tí ẹ fún mi ṣe? Ṣé ohun tí ẹ fún mi wà bó ṣe yẹ, àmọ́ ẹ fẹ́ kí ó rí bákan mìíràn? Àbí ohun tí kò sí lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé?

Àṣìṣe tèmi jẹ́ 7 nínú 23. Ìwé tí ẹ fún mi sọ pé ọdún 1941 ni a bí Bàbá. Èmi tẹ 1914, mo sì tipa bẹ́ẹ̀ fi ọdún 27 kún ọjọ́ orí wọn. Mo fo ẹsẹ kẹta orin ìkẹyìn. Mo gbé orúkọ àwọn tó wà nínú àwòrán ojú-ìwé 18 sábẹ́ àwòrán ojú-ìwé 19. Ní ojú-ìwé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àmì orí àwọn àkọlé fò kúrò lórí lẹ́tà, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí pé fọ́ǹtì tí mo lò fún àkọlé kò ní àyè fún àmì orí lára lẹ́tà tó bá ti ní àmì lábẹ́, bí irú ẹ àti ọ. Mo yẹ kí n ti rí ìyẹn kí ìwé náà tó kúrò lọ́wọ́ mi, mo sì ti pààrọ̀ fọ́ǹtì náà. Irú àtúnṣe báyìí kò gba owó, kò sì jẹ nínú ẹ̀ẹ̀mejì yín. Kódà bí ẹ bá rí òmíràn lẹ́yìn àtúnṣe kejì, níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá tíì fọwọ́ sí ìwé náà fún títẹ̀, ẹ pè mí, mo gbọ́dọ̀ tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

11 wà tí ó jẹ́ ti ìfẹ́ ọkàn yín, tó sì wà lórí ohun tó ti wà lọ́wọ́ mi. Ẹ fẹ́ kí àwọ̀ àkọlé kúrò ní àlùkò kí ó di àwọ̀ wáìnì. Ẹ fẹ́ kí àwòrán tí Bàbá ti wọ agbádá funfun bọ́ sí iwájú ìwé dípò èyí tí wọ́n ti dé fìlà aláràn-án; àwòrán méjèèjì wà nínú 22 tí ẹ fún mi níbẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí n fi “Olóyè” ṣáájú orúkọ àbúrò Bàbá, kí n yọ ìpínrọ̀ tó sọ̀rọ̀ nípa ẹjọ́ ilẹ̀ kúrò, kí n sì jẹ́ kí lẹ́tà inú orin tóbi díẹ̀ nítorí ojú àwọn àgbà. Gbogbo ìwọ̀nyí kò mú owó dání, àmọ́ àwọn ni wọ́n jẹ́ àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ìyẹn ni pé bí mo bá ti fi ìwé tuntun ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ló kù fún wa. Mo fẹ́ fi kún un pé, ká ní àwòrán alágbádá funfun yẹn jẹ́ èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fóònù yà láti inú férémù ara ògiri, tí gíláàsì ń dán lójú rẹ̀, kì bá tí sí ní ọ̀wọ́ yìí mọ́, nítorí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni kí a tó lè mú un dé ojú ìwọ̀n tí a lè fi sí iwájú ìwé.

5 tó kù ni èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ọ̀rọ̀ ìdárò láti ọ̀dọ̀ àwọn àna yín, ọ̀rọ̀ ìdárò láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Bàbá, àwòrán àtijọ́ 2 tó ti ya, àti ìbéèrè yín pé kí n fi àmì ohùn sí àwọn ọ̀rọ̀ ìdárò 4 tó dé láìní àmì kankan. Orí àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ dúró lé, nítorí wọn kò jọ ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ìdárò. Lójú ẹni tó bá ń kà á lórí fóònù, ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju pé kí n dà á kọ, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó yẹ. Ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwé kò rí bí ẹ̀wà tó wà nínú ìkòkò, tí a kàn lè da ife kan sí i. Ọ̀rọ̀ àwọn àna yín jẹ́ nǹkan bí ẹyọ ọ̀rọ̀ 700. Ojú-ìwé A5 kan, pẹ̀lú àkọlé àti àwòrán kékeré ẹni tó kọ ọ́, ń gba nǹkan bí 350. Ìyẹn jẹ́ ojú-ìwé 2. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ gba 1. Ibi tí ẹ ní kí wọ́n wọ̀ ni lẹ́yìn ojú-ìwé 21, ṣáájú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ. Bí mo bá ti fi ojú-ìwé 3 síbẹ̀, gbogbo ohun tó wà láti 22 dé 40 ni yóò sún síwájú. Àwòrán ńlá tó kún ojú-ìwé méjì tó kọjú síra wọn ní 26 àti 27 yóò bọ́ sí 29 àti 30, tí wọn kì í kọjú síra wọn: ẹni tó bá ṣí ìwé yóò rí ìdajì Bàbá, yóò sì ní láti ṣí i sí ẹ̀yìn kí ó tó rí ìdajì kejì. Mo ní láti tún gbogbo ibẹ̀ tò, kí n sì yẹ nọ́ńbà ojú-ìwé inú àtòjọ àkóónú wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yìí ni ₦6,000 lórí ojú-ìwé tuntun kọ̀ọ̀kan wà fún.

Ohun kejì wà nídìí rẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ mi rárá. Irú ìwé yìí, tí a ń fi pín-ìn-nì onírin dì ní àárín, bébà tí a ṣẹ́ po sí méjì ni a fi ń ṣe é. Bébà kan tí a bá ṣẹ́ po ń fún wa ní ojú-ìwé 4: méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Nítorí náà, iye ojú-ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a lè pín sí mẹ́rin-mẹ́rin. 40 ṣeé pín, 44 ṣeé pín, kò sí ìwé olójú-ìwé 43. Bí a bá fi 3 kún 40, 44 ni ilé ìtẹ̀wé yóò tẹ̀, ẹ ó sì san owó bébà àti pélétì ojú-ìwé kẹrin yálà ohun kan wà lórí rẹ̀ tàbí kò sí.

Nítorí èyí ni mo fi ń gbé ọ̀nà méjì síwájú yín. Ọ̀nà kìíní ni pé kí ìwé di 44. Ẹ ó san ₦18,000 fún ojú-ìwé 3 lọ́dọ̀ mi. Èmi yóò fi àwòrán Bàbá ní ọjọ́ ìfẹ̀yìntì wọn sí ojú-ìwé kẹrin láì gbowó, atẹ̀wé yóò sì sọ iye tí ojú-ìwé 4 yẹn yóò fi kún tirẹ̀. Ọ̀nà kejì ni pé kí ìwé dúró ní 40. Àwòrán tó dá wà ní ojú-ìwé 31 àti 36 lè kéré sí i, kí wọ́n wọ ojú-ìwé 12 àti 20 níbi tí àyè ṣì wà, ojú-ìwé 2 yóò sì ṣí sílẹ̀: ọ̀kan fún àwọn àna, ọ̀kan fún ẹgbẹ́. ₦12,000 ni ìyẹn, kò sì ní sí àfikún kankan lọ́dọ̀ atẹ̀wé. Ṣùgbọ́n a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn àna gbọ́dọ̀ dín kù láti 700 sí 350. Èmi kò lè fi ọwọ́ ara mi gé ọ̀rọ̀ àna yín. Ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ó ṣe gbé e kalẹ̀ fún wọn. Bí ó bá jẹ́ tèmi, ọ̀nà kejì ni n bá mú, nítorí lójú mi, ọ̀rọ̀ ìdárò tó bá ti ju ojú-ìwé kan lọ, ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló sábà máa ń kà á dé òpin.

Ti àwòrán àtijọ́ 2 kò gùn. Àdéhùn wa sọ pé 6, ẹ sì ti fún mi ní 6. Èkeje àti ìkẹjọ jẹ́ ₦5,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦10,000. Bí ẹ bá lè fi 2 nínú àwọn àkọ́kọ́ tí n kò tíì fọwọ́ kàn pààrọ̀ wọn, kò ní sí owó kankan. Àmọ́ mo ti parí 5 nínú 6, nítorí náà 1 péré ló ṣeé pààrọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá máa fi wọ́n ránṣẹ́, ẹ mú àwòrán náà gan-an wá sí ọ́fíìsì mi kí n fi ẹ̀rọ yà á, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù gẹ́gẹ́ bí ìwé, kì í ṣe bí àwòrán, nítorí Wáàsáàpù máa ń dín àwòrán kù kí ó tó rìn, ohun tó sì mọ́ gaara lójú fóònù lè dà bí ẹni tó wà nínú ìkùukùu lórí bébà.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ni mo mọ̀ pé ó lè dà bí ohun tí n kò yẹ kí n gbowó lé. Ẹ ṣáà ti rí i pé mo tún àmì àwọn àkọlé ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyàtọ̀ wọn nìyí: àmì àwọn àkọlé wà nínú ohun tí ẹ fún mi, fọ́ǹtì mi ló bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ ìdárò 4 wọ̀nyí kò ní àmì rárá nígbà tí wọ́n dé, nítorí orí fóònù ni wọ́n ti tẹ̀ wọ́n, kò sì sí bí mo ṣe lè pàdánù ohun tí kò tẹ̀ mí lọ́wọ́. Fífi àmì sí i kì í sì í ṣe iṣẹ́ atòwé, iṣẹ́ olóòtú ni. Ìyàwó Bàbá kọ “oko mi owon”. Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ̀ pé ọkọ ni wọ́n ń sọ, àmọ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, oko ni ẹlòmíràn yóò kà, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ́ àti ọkọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Orúkọ èèyàn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí orúkọ kan lè ní ìtumọ̀ méjì bí a bá ṣe fàmì sí i, ẹbí tó ń jẹ́ ẹ ló sì mọ èyí tó jẹ́ tiwọn. Mo ní láti ka gbogbo gbólóhùn, kí n fàmì sí i, kí n sì fi àwọn orúkọ ránṣẹ́ sí yín fún ìdánilójú. Ojú-ìwé 6 ni ọ̀rọ̀ ìdárò 4 náà gbà, ₦1,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦9,000 lápapọ̀. Bí olùkọ́ Yorùbá kan bá wà nínú ẹbí tó lè ṣe é, kí ó ṣe é kí ó sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì rẹ̀; èmi yóò fi rọ́pò ti àkọ́kọ́ láàárín àtúnṣe yìí láì gba kọ́bọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá mú ọ̀nà kìíní, àfikún yín lọ́dọ̀ mi jẹ́ ₦37,000: ₦18,000 fún ojú-ìwé tuntun, ₦10,000 fún àwòrán, ₦9,000 fún àmì. Bí ẹ bá mú ọ̀nà kejì, ₦31,000 ni. Bí ẹ bá mú ọ̀nà kejì, tí ẹ fi àwòrán kan pààrọ̀ èyí tí n kò tíì ṣe, tí olùkọ́ sì bá wa fàmì sí ọ̀rọ̀, ₦17,000 péré ni yóò kù. N kò ní fọwọ́ kan ìkankan nínú 5 náà títí ẹ ó fi sọ èyí tí ẹ fẹ́. 18 tó kù ni mo ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Ó ku apá tó máa ń dunni jù, tó jẹ́ pé bí a kò bá tètè sọ ọ́, ó máa ń di ìjà. Lẹ́yìn àtúnṣe kejì, n ó fi PDF ìkẹyìn ránṣẹ́, n ó sì ní kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Ìfọwọ́sí nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé náà yóò kúrò lórí kọ̀ǹpútà mi, yóò sì di pélétì. Pélétì jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí a ya ojú ìwé sí lára, tí ẹ̀rọ fi ń gbé yíǹkì sórí bébà. Yíǹkì mẹ́rin ni a fi ń tẹ ìwé aláwọ̀: búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní pélétì tirẹ̀. Ní ìwọ̀n ẹ̀rọ tí atẹ̀wé wa ń lò, ojú-ìwé A5 8 ló ń wà lára pélétì kan. Ojú-ìwé 40 yín yóò di ìdì mẹ́ta, ìyẹn bébà títẹ̀ tí a ṣẹ́ po, méjì nínú wọn jẹ́ ojú-ìwé 16, ìkẹta jẹ́ 8. Ìdì olójú-ìwé 16 kọ̀ọ̀kan gba pélétì 4 níwájú àti 4 lẹ́yìn. Ìdì kékeré gba 4, nítorí pélétì kan náà ni a fi ń tẹ ojú méjèèjì bébà rẹ̀, tí a ó wá gé e sí méjì. 20 ni gbogbo rẹ̀ fún inú ìwé.

Ẹ wá wo ohun tí àtúnṣe kan ń dà lẹ́yìn ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà kan ló ṣìnà nínú ọ̀rọ̀, pélétì dúdú kan ni a ó sọ nù, ojú-ìwé 7 mìíràn tí kò lẹ́bi tó wà lára rẹ̀ yóò sì bá a lọ. Ìdí rẹ̀ tí kò fi ju ọ̀kan lọ ni pé dúdú nìkan ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ gígùn. Ká ní mo fi àwọ̀ wáìnì to gbogbo rẹ̀ bí àbúrò yín obìnrin ṣe dábàá, lẹ́tà kan ṣoṣo ìbá ná wa ní pélétì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ àwòrán ni ẹ fẹ́ pààrọ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò lọ. Bí ẹ̀rọ bá ti wá tẹ ìdì náà tán, bébà rẹ̀ fún ẹ̀dà 500 ti di èyí tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà. Iye tí atẹ̀wé bá bù lé pélétì àti bébà ni ẹ ó san fún un, ẹ ó sì san ₦20,000 lọ́dọ̀ mi fún ṣíṣí ìwé náà padà àti yíyẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí ó bá wá jẹ́ pé àṣìṣe tèmi ni ńkọ́, tí ìwé tí ẹ fún mi tọ̀nà, tí èmi ṣì í tẹ̀, tí ẹ̀yin náà kò sì rí i kí ẹ tó fọwọ́ sí i? Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé ìfọwọ́sí ti pa gbogbo ẹ̀bi rẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. N kò ní gba ₦20,000 náà, n ó sì san ìdajì owó pélétì. Ìdajì tó kù ni tiyín, nítorí ẹ̀yin náà kà á.

Nítorí náà, nígbà tí PDF ìkẹyìn bá dé, ẹ má kà á lórí fóònù nìkan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní ilé ìtajà kọ̀ǹpútà tó bá wà nítòsí, kódà bí dúdú-àti-funfun ni. Kí ẹnì kan mú ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ fún mi dání, kí ó máa ka orúkọ, ọjọ́ àti ọdún sókè, kí ẹlòmíràn máa fi bírò sàmì sí i lórí èyí tí mo tò. Ojú tó ti mọ ìtàn Bàbá dáadáa kì í rí àṣìṣe inú rẹ̀, nítorí ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ló ń rí. Ọmọ-ọmọ tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì lè ràn yín lọ́wọ́ jù yín lọ níhìn-ín. Ẹ fi ara balẹ̀ sórí orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì àti àdírẹ́sì ibi ìgbàlejò, àkókò ìsìn, nọ́ńbà orin àti nọ́ńbà fóònù.

Ọjọ́ 19 ló kù sí ìsìnkú. Atẹ̀wé nílò ọjọ́ 6 fún títẹ̀ àti dídì, mo sì fẹ́ kí ìwé wà nílé yín ọjọ́ 2 ṣáájú ìsìnkú. Èyí túmọ̀ sí pé ìfọwọ́sí kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 11 sí òní. Ohun tí mo ń dúró dè lọ́wọ́ yín kí Ọjọ́bọ̀ tó parí ni mẹ́ta: bóyá ìwé yóò jẹ́ 40 tàbí 44, àwòrán àtijọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi pààrọ̀, àti ẹni tí yóò fàmì sí àwọn ọ̀rọ̀ ìdárò. Dráfùtì kejì yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́ ní ọjọ́ 2 lẹ́yìn tí mo bá gbọ́ láti ẹnu yín.

Èmi ni, àbúrò yín tó ń to ìwé.